Ẹ̀pà bá ẹ̀wà tan: ṣé kí n gba ẹ̀wà lẹ́nu ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà?

Ìyá Àdìsá, Ìgbógbó (Ọjọ́ Ajé, 8:12 àárọ̀)

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ará Ìkòròdú. Ọmọ mi ọkùnrin tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́fà ni mo fẹ́ gba ìmọ̀ràn lé lórí. Ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà. Ìgbà tó wà ní ọmọ ọdún mẹ́ta la kọ́kọ́ rí i, nígbà tó jẹ ẹ̀pà sísè díẹ̀, tí ètè rẹ̀ wú, tí gbogbo ara rẹ̀ sì sú. Láti ìgbà náà ni a kò ti jẹ́ kí ẹ̀pà kan ẹnu rẹ̀ mọ́. Ní Sátidé tó kọjá, níbi ìkómọjáde kan, ó jẹ súyà tẹ́ẹ́rẹ́ méjì. Kò sí ẹ̀pà kankan lórí tábìlì tí a jókòó sí. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tí ọ̀fun fi bẹ̀rẹ̀ sí í yún un, ó bì, ara rẹ̀ sú, ó sì ń wúkọ́ tí àyà rẹ̀ ń dún bíi fèrè. A gbé e dé ilé ìwòsàn, wọ́n fún un ní abẹ́rẹ́, ara rẹ̀ sì ti yá.

Ohun tó wá dá wàhálà sílẹ̀ nínú ilé ni pé àbúrò ọkọ mi ní òun kà á pé ẹ̀pà kì í ṣe ẹgbẹ́ kajú rárá, pé ọmọ ìyá ẹ̀wà ni. Ó ní nítorí náà, kí n gba ẹ̀wà, mọ́ínmọ́ín, àkàrà àti sóyà lẹ́nu ọmọ náà. Olùkọ́ rẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ gbọ́ ọ̀rọ̀ kan náà, ó ní bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, kajú kò lè ṣe é ní nǹkan kan, nítorí pé orí igi ni kajú ti ń wá. Ọmọ mi ń jẹ ẹ̀wà ní gbogbo ọ̀sẹ̀ láti kékeré, kò sì sí ohun tó ń ṣe é. Kò tíì tọ́ kajú wò rí. Ta ni kí n gbọ́ tirẹ̀?

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 8:47 àárọ̀)

Ẹ kú ewu ọmọ, Ìyá Àdìsá. Òótọ́ ni àbúrò ọkọ yín sọ. Ìdílé ẹ̀wà ni ẹ̀pà ti wá, ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì sì ti fìdí èyí múlẹ̀ tipẹ́. Ohun tí ara bá kọ̀ lára ẹnì kan nínú ìdílé, yóò kọ̀ ọ́ lára àwọn yòókù. Ẹ dáwọ́ ẹ̀wà dúró, ẹ dáwọ́ sóyà dúró. Ní ti kajú, kò sí ìbátan kankan láàárín òun àti ẹ̀pà, ẹ lè fún un jẹ láìbẹ̀rù.

Olùkọ́ Ọ̀gbìn, Àgíríìkì (Ọjọ́ Ajé, 9:30 àárọ̀)

Ìyá Àdìsá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má ì tíì fún un ní kajú. Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ tọ̀nà nípa ibi tí ẹ̀pà ti ṣẹ̀ wá, ṣùgbọ́n ohun tó fà yọ láti inú rẹ̀ kò tọ̀nà.

Ẹnikẹ́ni tó bá ti gbin ẹ̀pà rí yóò mọ̀ pé ẹ̀wà ló jọ. Bí ẹ bá fà á tu, ẹ ó rí àwọn kókó kéékèèké lára gbòǹgbò rẹ̀, irú èyí tó wà lára gbòǹgbò ẹ̀wà, tó ń sọ ilẹ̀ di ọlọ́ràá. Òdòdó rẹ̀ aláwọ̀ ìyeyè náà jọ ti ẹ̀wà. Ohun tó yà á sọ́tọ̀ ni pé bí òdòdó náà bá ti rọ, igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan yóò yọ láti ìdí rẹ̀, yóò tẹrí sí ìsàlẹ̀, yóò wọ inú ilẹ̀ lọ, ibẹ̀ ni yóò sì ti gbó. Ẹ̀pà-róró tiwa náà ń so sínú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdílé ẹ̀wà kan náà sì ni àwọn méjèèjì.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a bi ara wa: kí ni àwọn yòókù tí à ń pè ní ẹgbẹ́ kajú? Mọ̀lẹ́bí máńgòrò ni kajú. Mọ̀lẹ́bí ẹ̀gẹ́ àti igi rọ́bà ni àwùsá tí wọ́n ń tà ní Sábó. Ọ̀pẹ ni àgbọn bá tan. Inú ilẹ̀ ni òfio wà, ara gbòǹgbò ló sì ti ń hù, kì í ṣe èso rárá. Lójú àwọn onímọ̀ nípa ewéko, kò sí ọ̀kan nínú gbogbo ìwọ̀nyí tó jẹ́ ojúlówó èso eléèpo líle gẹ́gẹ́ bí òfin wọn. Bó bá jẹ́ pé ohun tí ewéko jẹ́ ni ó ń sọ ohun tí ara yóò kọ̀, kajú náà ì bá ti bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, bẹ́ẹ̀ ẹ̀mí ti bọ́ nídìí kajú. Ìlà tí àwọn onímọ̀ ewéko fà, àwọn ló wúlò fún. Dókítà kò gbọ́dọ̀ fi ṣe òdiwọ̀n oúnjẹ ọmọ.

Bàbá Ìbejì (Ọjọ́ Ajé, 10:05 àárọ̀)

Ẹ̀pà kì í bá èmi náà lára mu. Bí mo bá ti jẹ ẹ́ pẹ̀lú gàrí, inú mi á wú, á sì máa kùn títí di alẹ́. Ohun tí mo ṣàkíyèsí ni pé ẹ̀pà tó ti bu ló ń fa gbogbo rẹ̀. Láti ìgbà tí ìyàwó mi ti ń ṣà á dáadáa, tó ń yọ èyí tó ti dúdú àti èyí tó rún kúrò, tó sì ń yan án kí ó gbẹ, ara mi ti gbà á. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ fún ọmọ náà.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ajé, 10:21 àárọ̀)

Bàbá Ìbejì, ẹ má bínú, ṣùgbọ́n mo bẹ Ìyá Àdìsá pé kí ó má gbìyànjú rẹ̀. Inú wíwú tiyín yàtọ̀ pátápátá sí ohun tó ṣe ọmọ yìí. Ó dára kí a máa ṣa ẹ̀pà tó bu dànù, nítorí pé májèlé inú ẹ̀pà bíbu máa ń ba ẹ̀dọ̀ jẹ́ díẹ̀díẹ̀, yíyan kì í sì í pa á tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀pà tó mọ́ jù lọ ní Ìkòròdú lè pa ọmọ tí ara rẹ̀ kò gba ẹ̀pà. N óò padà wá kọ̀wé sí i lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀wà nígbà tí mo bá kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Ìyá Kúlíkúlí, Sábó (Ọjọ́ Ajé, 12:50 ọ̀sán)

Iṣẹ́ ẹ̀pà ni mò ń ṣe, ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ sọ ohun tí mo mọ̀ nípa súyà náà. Ìyá Àdìsá ní kò sí ẹ̀pà lórí tábìlì, ṣùgbọ́n ẹ̀pà wà lára ẹran náà. Kúlíkúlí ni àwọn alásùúyà máa ń gún mọ́ ata, atalẹ̀ àti iyọ̀ láti fi ṣe yájì. Àwọn oníbàárà mi kan wà tó jẹ́ pé súyà nìkan ni wọ́n ń ra kúlíkúlí fún.

Bí a ṣe ń ṣe é nìyí. A ó yan ẹ̀pà, a ó bó o, a ó lọ̀ ọ́ kúnná, a ó máa po ó, a ó máa fi omi gbígbóná díẹ̀díẹ̀ sí i títí òróró yóò fi jáde, a ó sì fún un gbẹ. Èyí tó ṣẹ́kù ni a ó fi iyọ̀ àti ata sí, tí a ó yí róbótó-róbótó, tí a ó sì dín nínú òróró tó jáde lára rẹ̀. Ẹ wò ó, òróró ni a fún kúrò, gbogbo ara ẹ̀pà wà níbẹ̀ síbẹ̀. Ẹni tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà, kúlíkúlí ló yẹ kó bẹ̀rù jù. Dọ̀ǹkúwà náà ní ẹ̀pà nínú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé àgbàdo ni àwọn ọmọdé rò pé ó jẹ́.

Alákàrà Ìta-Ẹlẹ́wà (Ọjọ́ Ajé, 1:34 ọ̀sán)

Ọ̀rọ̀ òróró tí Ìyá Kúlíkúlí mẹ́nu bà yìí kàn mí gbọ̀ngbọ̀n. Àwọn òbí kan ti bi mí rí bóyá òróró ẹ̀pà ni mo fi ń dín àkàrà. Òróró inú kẹ́ẹ̀gì ni mò ń rà, n kò sì lè fọwọ́ sọ̀yà pé ohun kan báyìí ló ti wá. Bí ọmọ bá jẹ àkàrà mi tí ara rẹ̀ sì sú, ṣé ẹ̀wà ni yóò gba ẹ̀bi tàbí òróró?

Apòògùn Sábó (Ọjọ́ Ajé, 3:10 ọ̀sán)

Ìbéèrè tó dára ni Alákàrà béèrè, ó sì fi hàn bí ènìyàn ṣe lè fẹ̀sùn kan ẹ̀wà láìṣẹ̀. Púrótéènì inú ẹ̀pà ni ara ń bá jà, kì í ṣe ọ̀rá rẹ̀. Òróró ẹ̀pà tí ilé iṣẹ́ ńlá ti sẹ́ ní àsẹ́tán, tó mọ́ kedere tí kò sì ní òórùn ẹ̀pà, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ ní púrótéènì kankan nínú mọ́, ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà ló sì ń jẹ ẹ́ láìsí ewu. Èyí tí a fi ọwọ́ fún, tó ṣì ń ta sánsán bí ẹ̀pà, tí gẹ̀dẹ̀gẹ́dẹ̀ sì wà nísàlẹ̀ rẹ̀, ní púrótéènì nínú. Kí ọmọ náà má ṣe fẹnu kàn án. Agbada tí wọ́n ti fi dín kúlíkúlí rí kò dára fún un pẹ̀lú, ohun yòówù kí wọ́n wá dín nínú rẹ̀.

Ohun kejì ni ti abẹ́rẹ́. Ọ̀pọ̀ òbí máa ń wá ra Píríton lọ́dọ̀ mi, wọ́n á sì rò pé àwọn ti ní ààbò. Píríton yóò dá ara yíyún dúró, ṣùgbọ́n kò lè ṣí ọ̀nà ọ̀fun tó ń dí, kò sì lè gbé ẹ̀jẹ̀ tó ń rẹlẹ̀ sókè. Adirẹnalíìnì ni ó ń ṣe èyí, ẹ̀gbẹ́ ìta itan ni wọ́n sì ń gún un sí, sínú ẹran. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ 0.01 mìlígíráàmù fún kílò kọ̀ọ̀kan, nítorí náà ọmọ tó bá wọn kílò 20 yóò gba 0.2 mìlígíráàmù. Bí kò bá tíì rọlẹ̀ lẹ́yìn ìṣẹ́jú márùn-ún, wọ́n lè tún un gún. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwòsàn tó sún mọ́ ilé yín àti ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ bóyá wọ́n ní in nílẹ̀, kí ẹ béèrè rẹ̀ báyìí tí ara ọmọ yá.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ajé, 8:15 alẹ́)

Mo ti dé. Ìyá Àdìsá, ẹ̀wà ni n óò fi bẹ̀rẹ̀.

Gbogbo irúgbìn ló ń kó oúnjẹ pamọ́ sínú kóró rẹ̀ fún èéhù tó ń bọ̀, púrótéènì sì pọ̀ nínú oúnjẹ náà. Àwọn púrótéènì ìpamọ́ wọ̀nyí ni ara àwọn tó kọ ẹ̀pà ń gbógun tì. Irú wọn wà nínú ẹ̀wà, wọ́n wà nínú sóyà, wọ́n sì wà nínú kajú pẹ̀lú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ìdílé ọ̀tọ̀ ni kajú. Èyí ni kò jẹ́ kí ìtàn ìdílé lè yanjú ọ̀rọ̀ náà. Ohun tó ṣe pàtàkì ni bí púrótéènì kan ṣe jọ èkejì tó, àti bí ó ṣe lè fara da iná àti omi inú ikùn tó. Nínú ẹ̀pà, èyí tí wọ́n ń pè ní Ara h 2 ló burú jù. Iná kì í tètè bà á jẹ́, ikùn kì í sì í tètè dà á.

Bí wọ́n bá ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ fún ọmọ tí ara rẹ̀ kọ ẹ̀pà, ó ṣeé ṣe kí ìwé àyẹ̀wò sọ pé ara rẹ̀ mọ ẹ̀wà àti sóyà lọ́tàá. Ìwé yẹn ló ń kó àwọn òbí sí ìyọnu. Nígbà tí wọ́n bá fún irú àwọn ọmọ bẹ́ẹ̀ ní ẹ̀wà jẹ ní ti gidi, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn kì í ní ìṣòro kankan. Nǹkan bí márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún ni iye tí a sábà máa ń gbọ́ fún àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà, tó sì tún kọ ẹlòmíràn nínú ìdílé ẹ̀wà. Ọmọ yín ti jẹ ẹ̀wà láti kékeré láìsí nǹkan kan, ẹ̀rí yẹn sì lágbára ju ìwé àyẹ̀wò èyíkéyìí lọ. Ẹ máa fún un ní mọ́ínmọ́ín rẹ̀. Bí ẹ bá gba ẹ̀wà lẹ́nu ọmọ tó ń dàgbà, kí ni ẹ fẹ́ fi rọ́pò rẹ̀ lójoojúmọ́ nínú ọjà tí a wà yìí? Ẹ̀pà-róró nìkan ni n kò ní fún un láì kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ dókítà, bí kò bá tíì jẹ ẹ́ rí.

Ti kajú yàtọ̀. Láàárín àwọn tí ara wọn kọ ẹ̀pà, 20 sí 40 nínú ọgọ́rùn-ún ni ara wọn tún máa ń kọ ọ̀kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ nínú kajú, alímọ́ńdì àti àwọn ẹgbẹ́ wọn. Ìjàǹbá kajú sì lè le, kódà bí ó bá jẹ́ ègé kékeré. Lẹ́yìn èyí, ẹ lọ wo ibi tí wọ́n ti ń yan án: inú yanrìn kan náà, orí àtẹ kan náà, agolo ìwọ̀n kan náà ni wọ́n fi ń ta ẹ̀pà àti kajú. Nítorí náà kí kajú dúró títí wọn yóò fi ṣe àyẹ̀wò awọ ara fún un. Bí àyẹ̀wò náà bá mọ́, wọ́n lè fún un ní díẹ̀díẹ̀ jẹ ní ilé ìwòsàn níbi tí abẹ́rẹ́ wà nítòsí.

Ọmọ Ẹ̀bútẹ́ (Ọjọ́ Ajé, 9:02 alẹ́)

Mo gbọ́ àlàyé yín, mà. Ṣùgbọ́n mo kà á pé ẹ̀pà sísè kò lágbára tó ẹ̀pà yíyan, àti pé ìdí nìyí tí aléjì ẹ̀pà fi wọ́pọ̀ ní ìlú òyìnbó níbi tí wọ́n ti ń yan án. Ṣé kò ní dára kí wọ́n máa fi ẹ̀pà sísè díẹ̀díẹ̀ kọ́ ara ọmọ náà?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́ Ajé, 9:20 alẹ́)

Apá kan wà tó jẹ́ òótọ́ níbẹ̀. Nígbà tí a bá ń se ẹ̀pà, púrótéènì díẹ̀ máa ń jáde sínú omi rẹ̀, yíyan gbígbẹ sì máa ń jẹ́ kí èyí tó kù túbọ̀ lè bá ara jà. Àwọn dókítà kan ní òkè òkun ń fi ẹ̀pà sísè kọ́ ara ọmọdé, ṣùgbọ́n òṣùwọ̀n tó péye ni wọ́n fi ń ṣe é, wọ́n sì ń ṣọ́ ọmọ náà. Ẹ̀pà sísè ni ọmọ Ìyá Àdìsá jẹ nígbà àkọ́kọ́ tí ètè rẹ̀ fi wú. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni dán an wò ní ilé ìdáná.

Olùkọ́ Ọ̀gbìn, Àgíríìkì (Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, 7:05 àárọ̀)

Mo fẹ́ fi ohun kan kún un fún àwọn tó ń ra bisikíìtì àti ṣokoléètì òkè òkun. Ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà, òfin ya ẹ̀pà sọ́tọ̀ kúrò lára ẹgbẹ́ kajú nínú àkọsílẹ̀ ohun tó wà nínú oúnjẹ. Nítorí náà, bí páálí bá sọ pé kò sí kajú, alímọ́ńdì àti irú wọn nínú rẹ̀, ìyẹn kò túmọ̀ sí pé kò sí ẹ̀pà. Ọ̀rọ̀ méjèèjì ni kí ẹ wá. Ẹ má sì jẹ́ kí àgbọn dẹ́rù bà yín: Amẹ́ríkà kà á mọ́ ẹgbẹ́ kajú fún ọ̀pọ̀ ọdún, wọ́n sì yọ ọ́ kúrò ní oṣù kìíní 2025.

Ìyá Àdìsá, Ìgbógbó (Ọjọ́bọ̀, 6:40 ìrọ̀lẹ́)

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. A ti rí dókítà. Ó ní kí ọmọ máa jẹ ẹ̀wà rẹ̀ lọ, kí a má fún un ní kajú, ó sì kọ ìwé fún wa láti lọ ṣe àyẹ̀wò awọ ara ní Ìkẹjà. Àbúrò ọkọ mi kò tíì gbà, ó ní òun kò ní se ẹ̀wà fún un ní ilé òun. Ìbéèrè kan ló kù. Mo ní ọmọ ọwọ́ tó jẹ́ oṣù márùn-ún. Ṣé kí òun náà má fẹnu kan ẹ̀pà láéláé?

Apòògùn Sábó (Ọjọ́bọ̀, 7:15 alẹ́)

Rárá o, ìdàkejì rẹ̀ ni ìwádìí fi hàn. Ní 2015, wọ́n gbé èsì ìwádìí kan tí wọ́n ṣe ní Lọ́ńdọ̀nù jáde, lórí ọmọ 640 tí wọ́n wà láàárín oṣù mẹ́rin sí mọ́kànlá, tí ara wọn ní ẹ̀kúsá tó le tàbí tí ara wọn kọ ẹyin. Wọ́n fún apá kan ní ẹ̀pà jẹ déédéé, wọ́n sì fi pamọ́ fún apá kejì. Nígbà tí wọ́n pé ọdún márùn-ún, nínú àwọn tí àyẹ̀wò wọn mọ́ ní ìbẹ̀rẹ̀, nǹkan bí 14 nínú ọgọ́rùn-ún àwọn tí wọ́n fi í pamọ́ fún ni ara wọn kọ ẹ̀pà, ṣùgbọ́n nǹkan bí méjì péré ni lára àwọn tó ń jẹ ẹ́. Ẹ̀pà tí a lọ̀ kúnná, tí a sì fi omi gbígbóná pò kí ó ṣàn, ni kí wọ́n fún un. Ẹ má fún un ní oódindi, kí ó má baà há a lọ́fun. Mo rò pé kí ẹ bẹ̀rẹ̀ báyìí.

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́bọ̀, 7:48 alẹ́)

N kò fara mọ́ báyìí tí ẹ sọ yẹn, Apòògùn. Wàrà ọmú nìkan ni a ń sọ fún àwọn ìyá títí oṣù mẹ́fà yóò fi pé, n kò sì rí ìdí láti yẹ̀ ẹ́ nítorí ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Bí ẹ̀kúsá bá sì wà lára ọmọ ọwọ́ náà, kí wọ́n ṣe àyẹ̀wò fún un ní Ìkẹjà lọ́jọ́ kan náà pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kí ẹ tó fún un.

Apòògùn Sábó (Ọjọ́bọ̀, 8:03 alẹ́)

Ọ̀rọ̀ àyẹ̀wò yẹn, mo fara mọ́ ọn. Lórí oṣù mẹ́fà, kí dókítà wọn dá a.

Ìyá Àdìsá, Ìgbógbó (Ọjọ́bọ̀, 8:20 alẹ́)

Ẹ̀kúsá wà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ ní tòótọ́, nítorí náà àwọn méjèèjì ni n óò kó lọ. Ṣùgbọ́n báwo ni n óò ṣe máa fún àbúrò ní ẹ̀pà nínú ilé tí ẹ̀gbọ́n kò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kàn án?

Nọ́ọ̀sì Àgbà (Ọjọ́bọ̀, 8:41 alẹ́)

Ẹ fún un nígbà tí ẹ̀gbọ́n bá wà ní ilé ẹ̀kọ́. Ẹ ya abọ́ àti ṣíbí kan sọ́tọ̀ fún un. Ọṣẹ àti omi ni kí ẹ fi fọ ọwọ́ yín, ẹnu ọmọ náà àti orí tábìlì. Omi lásán kò ní mú un kúrò, ìpara apakòkòrò tí a ń fi ra ọwọ́ kò sì ní mú un kúrò pẹ̀lú.